Ìdí Tí Àwọ̀ Fi Ń Ṣá Tàbí Tó Ń Ṣú Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé káfíńtà kan fẹ́ máa ta àga ìrókò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà síṣẹ́ pé kó ṣe àwòrán àga náà, irú èyí tí oníbàárà lè fi ìka yí sọ́tùn-ún kó tún yí i sósì lórí fóònù. Ọmọkùnrin náà lo ètò tí wọ́n ń pè ní Blender láti fi gbẹ́ àga náà, ó ya fọ́tò pákó ìrókò, ó sì fi fọ́tò náà bo àga náà lára. Irú fọ́tò ìbora bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tẹ́ṣọ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, ó fi àkójọ kóòdù three.js gbé e sórí ojú-ìwé káfíńtà, àga náà sì jáde bó ṣe yẹ.

Wàhálà dé nígbà tí káfíńtà ní òun fẹ́ kí oníbàárà lè yan igi mìíràn. Ọmọ náà ya fọ́tò oríṣi pákó mìíràn, ó kọ ìlà kóòdù díẹ̀ tí yóò máa pààrọ̀ tẹ́ṣọ̀ bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo àwọn tuntun yìí ló ṣá. Ìlà ara igi kò hàn dáadáa mọ́, pọ́npọ́n tó wà nínú àwọ̀ náà ti lọ, ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn lábẹ́ àga sì wá dà bí ibi tí kùrukùru bò. Fọ́tò tó yà kò ní àbùkù kankan. Bó bá ṣí i lọ́tọ̀, igi tó rí gan-an nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe níbí ni pé wọ́n máa dín iná kù. Nínú irú ètò báyìí, ẹni tó ń ṣe àwòrán ló ń gbé iná síbi tó wù ú, òun náà ló sì ń sọ bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ọmọ náà dín iná kù títí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára àga náà fi rí bó ṣe yẹ. Àmọ́ àwọn ibi tó yẹ kó ṣú ṣì mọ́lẹ̀ jù, àga ìrókò ti àkọ́kọ́, èyí tó dára tẹ́lẹ̀, sì ti wá ṣókùnkùn. Ó tún iná gbé sókè. Èèyàn lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe báyìí láìrí ojútùú, torí pé iná kọ́ ló ṣẹ̀.

Ohun tó ṣẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà fáìlì náà ní ìwọ̀n tí wọn kò fi kọ ọ́. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ju nọ́ńbà lọ. Ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì, ní nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lọ láti 0 dé 255. Bí ẹnì kan bá kọ 3 sórí ìwé pé kí ẹ bá òun ra ìrẹsì, ẹ ó bi í bóyá kóńgò mẹ́ta ni àbí dẹ́ríkà mẹ́ta. Píkísẹ́lì náà rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi ìwọ̀n méjì ló wà tí nọ́ńbà 128 lè jẹ́, iye ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan ń tọ́ka sí sì ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní líníà. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà ń bá ìmọ́lẹ̀ gidi rìn ní ẹsẹ̀ kan náà: bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà náà á di ìlọ́po méjì. Níhìn-ín, 128 nínú 255 jẹ́ ìdajì ìmọ́lẹ̀ funfun tó mọ́lẹ̀ jù tí síkírìnì lè gbé jáde. Ìwọ̀n kejì ni gámà. Òun ni fọ́tò inú fóònù yín fi ń jẹ́ fọ́tò, òun sì ni síkírìnì yín ń retí. Nínú gámà, 128 kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀ rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Iye rẹ̀ gan-an ni 0.216, bí a bá fi 1 dúró fún ìmọ́lẹ̀ kíkún.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà ní ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀? Ojú ọmọ èèyàn ló fà á. Bí iná bá ti lọ, tí ẹ tan gílóòbù kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ìyàtọ̀ náà á pọ̀ lójú yín. Bí gílóòbù mẹ́wàá bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá tan ìkọkànlá, ó lè má hàn sí yín rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ fi kún un. Ojú wa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín òkùnkùn kan àti òkùnkùn mìíràn ju bó ṣe ń mọ̀ ọ́n láàárín ìmọ́lẹ̀ méjì tó gbóná. Tí a bá wá pín nọ́ńbà 256 dọ́gba-dọ́gba fún gbogbo ìmọ́lẹ̀, apá tó mọ́lẹ̀ á gba nọ́ńbà ju èyí tó nílò lọ, apá tó ṣú á sì rí ìyàn. Ẹ wo bí ìyàn náà ṣe pọ̀ tó: nọ́ńbà 1 ní ìwọ̀n líníà ti dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 13 ní ìwọ̀n gámà. Gbogbo ìpele òkùnkùn méjìlá tó wà láàárín wọn ni kò ní ibi tí yóò wọ̀ sí. Ojú á sì rí i, torí pé òjìji tó yẹ kó máa ṣú díẹ̀díẹ̀ á já sí ìlà-ìlà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń di ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú fáìlì. Wọ́n á gba ọ̀pọ̀ nọ́ńbà fún apá tó ṣú, wọ́n á sì fún apá tó mọ́lẹ̀ ní díẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tó ní ọpọ́n gíláàsì ńlá lẹ́yìn, kì í gbé ìmọ́lẹ̀ jáde ní ìbámu pẹ̀lú iná mànàmáná tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i. Bí iná náà bá dín kù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dín kù gan-an. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú títú ohun tí wọ́n ti dì. Ọpọ́n gíláàsì ti di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n àṣà náà kò lọ. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard àti Microsoft dábàá òfin kan tó sọ bí dídì náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, wọ́n pè é ní sRGB, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 1999. Fọ́tò tí kò bá sọ irú ìwọ̀n tí òun jẹ́, sRGB ni gbogbo ayé máa kà á sí.

Tó bá jẹ́ pé wíwò nìkan la fẹ́ wo fọ́tò, kò sí ìjàngbọ̀n. Nọ́ńbà tí wọ́n dì wọ inú síkírìnì, síkírìnì tú u, ojú rí i. Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe ìṣirò, iṣẹ́ tó sì wà lọ́rùn tẹ́ṣọ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú àwọ̀ igi, kó fi iye iná tó bà á ṣe ìlọ́po, kó fi ti iná kejì kún un, kó sì pò ó pọ̀ mọ́ ohun tó ń dán lójú rẹ̀. Gbogbo ìyẹn jẹ́ ìṣirò ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gidi kò sì mọ gámà. Ẹ mú fìtílà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá mú kí ògiri rí bíi 128 nínú fọ́tò. Tí a bá kàn fi 128 kún 128, a ó gba 256, èyí tó ti kọjá funfun tó mọ́lẹ̀ jù. Tí a bá kọ́kọ́ tú wọn, 0.216 àti 0.216 jẹ́ 0.432, tí a bá sì tún un dì, 176 ni yóò jáde. 176 ni kámẹ́rà máa rí bí a bá tan fìtílà méjèèjì ní ti gidi. Ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ ló ń ṣe ìṣirò ti àkọ́kọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn èèyàn inú wọn fi máa ń jóná funfun níbi tí iná méjì bá ti pàdé. Ní 2007, Larry Gritz àti Eugene d'Eon kọ orí ìwé kan lórí ọ̀ràn yìí nínú ìwé GPU Gems 3, àwọn tó ń ṣe géèmù sì ṣì ń tọ́ka sí i dòní.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Tú tẹ́ṣọ̀ àwọ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Ṣe gbogbo ìṣirò iná ní líníà. Di èsì rẹ̀ nígbà tó bá ń jáde lọ sí síkírìnì. Ìtú ẹ̀ẹ̀kan, ìdì ẹ̀ẹ̀kan. Àṣìṣe tó ń mú kí àwọ̀ ṣá ni kí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ń mú kó ṣú ni kí wọ́n tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àga. Ká mú píkísẹ́lì kan lára pákó náà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 150 fún pupa, 90 fún àwọ̀ ewé, 50 fún búlúù. Àwọ̀ igi tó pọ́n dáadáa nìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà kó tẹ́ṣọ̀ tuntun wọlé, kò sọ fún three.js pé nọ́ńbà tí wọ́n ti dì ni. Three.js kì í sì méfò. Ó gbà pé 150 jẹ́ 150 ìmọ́lẹ̀ gidi, kò tú u. Ó ṣe ìṣirò iná rẹ̀ tán, ó wá di èsì náà fún síkírìnì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti dì lórí fóònù tó ya fọ́tò ni wọ́n tún dì. Ká sọ pé iná tó bà á jẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun kíkún, tí kò fi nǹkan kún un tí kò sì yọ nǹkan kúrò: 150, 90, 50 á jáde bíi 202, 160, 122. Ẹ wò ó bí àwọn nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gòkè, tí búlúù tó kéré jù sì gòkè jù. Wọ́n ti sún mọ́ra wọn. Bí nọ́ńbà mẹ́ta bá sì ń sún mọ́ra wọn, àwọ̀ eérú ni wọ́n ń lọ.

Ibí yìí la ti lè rí i kedere pé dídín iná kù kò lè ṣe é. Ẹ mú ìlà dúdú kan lára igi tó jẹ́ 64 nínú fáìlì, àti ibi tó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ 192. Bí a bá tú wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á di 0.051 àti 0.527: ibi tó mọ́lẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ìlà dúdú náà lọ. Bí a kò bá tú wọn, 64 àti 192 nìkan la ní lọ́wọ́, ìlọ́po mẹ́ta péré. Iná tó bá bọ́ sórí méjèèjì á sọ wọ́n di púpọ̀ tàbí di díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Mẹ́ta á máa jẹ́ mẹ́ta, yálà ẹ gbé iná sókè tàbí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ìlọ́po mẹ́wàá tó mú kí igi rí bí igi ti sọ nù kí iná tó dé ibẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

```js
const igi = new THREE.TextureLoader().load('pako_awo.jpg');
igi.colorSpace = THREE.SRGBColorSpace;
```

Àmọ́ kí ló dé tí àga àkọ́kọ́ fi dára láìsí ìlà yìí? Inú fáìlì glTF ni àga náà àti tẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá wọlé, òfin glTF 2.0 sì ti sọ ọ́ gbangba pé sRGB ni tẹ́ṣọ̀ àwọ̀ àti tẹ́ṣọ̀ ohun tó ń tàn fúnra rẹ̀, pé líníà sì ni àwọn yòókù. Ẹni tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú three.js máa ń fi àmì náà sí i fúnra rẹ̀. `TextureLoader` ní tirẹ̀ kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún yín. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn orúkọ wọ̀nyí yí padà ní 2023, nígbà tí ẹ̀dà r152 jáde. Ẹ̀kọ́ tó bá ṣì ń kọ́ yín ní `texture.encoding` tàbí `outputEncoding` ti pẹ́ jù, ẹni tó bá sì da kóòdù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀dà tuntun lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti sí àmì kankan lórí tẹ́ṣọ̀.

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn ńkọ́? Lẹ́yìn tí àga ti dára, káfíńtà ní òun fẹ́ kí ibi tí fánìṣì ti ń dán máa tàn díẹ̀ yí ká. Ọmọ náà lo `EffectComposer`, èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán tó ti parí tún gba ọwọ́ mìíràn kó tó dé síkírìnì. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ojú-ìwé ṣú. Àwọ̀ igi wa tó jẹ́ 150, 90, 50 di 78, 26, 8, pupa dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí àwòrán bá ṣì ń lọ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ mìíràn, three.js ń fi í sílẹ̀ ní líníà, torí pé ìṣirò ṣì kù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá dì í níkẹyìn. Bí kò bá sẹ́ni tó dì í, síkírìnì tí kò mọ nǹkan kan á tú ohun tí wọn kò dì. Wọ́n ti tú u nígbà tó wọlé, wọ́n tún tú u nígbà tó jáde. `OutputPass` ni wọ́n dá iṣẹ́ dídì yẹn fún, òun ló sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ tọ́mọ náà ń ṣe:

```js
composer.addPass(new RenderPass(scene, camera));
composer.addPass(new UnrealBloomPass(iwon, 0.4, 0.2, 0.9));
composer.addPass(new OutputPass());
```

Èèyàn máa ń ṣe àṣìṣe kan níbí tó burú ju àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ, lójú tèmi. Ó rí i pé àwòrán ṣú, ó sì lọ yọ ìlà `SRGBColorSpace` kúrò lórí tẹ́ṣọ̀. Àwọ̀ igi náà á padà sí 150, 90, 50 gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ á sì dùn. Kò mọ̀ pé òun ti padà sí ìṣirò géèmù àtijọ́ níbi tí 128 àti 128 ti ń di 256. Kò sí ìtú, kò sí ìdì. Àwọ̀ tí iná kan ṣoṣo bà á dára, ṣùgbọ́n òjìji á máa ṣú lójijì, ibi tí iná méjì ti pàdé á sì máa jóná. Àṣìṣe méjì tó pa ara wọn rẹ́ ṣòroó rí ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò gba ìmọ̀ ìṣirò. Ẹ ya àwòrán kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú 128, 128, 128. Ẹ fi ṣe tẹ́ṣọ̀ lórí pátákó pẹrẹsẹ kan, kí ẹ lo `MeshBasicMaterial` tí iná kì í bà, kí ẹ sì fi `toneMapped = false` sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ ya síkírìnì, kí ẹ fi irinṣẹ́ tó ń ka àwọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ 128, ìtú àti ìdì pé. Bí ó bá jẹ́ 188, wọ́n dì í lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ 55, wọ́n tú u lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ti tó láti há sórí. Àmọ́ kò ní tú àṣìṣe tó pa ara rẹ̀ rẹ́ yẹn fó, torí pé 128 náà ni yóò gbé jáde. Fún ìyẹn, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ méjì tó dọ́gba sórí ohun èlò tí iná ń bà, kí ẹ wo bóyá iná kejì gbé 128 dé 176 tàbí ó gbé e dé funfun.

Ẹ lè fi ojú lásán rí nọ́ńbà 188 náà. Ẹ ya àwòrán kan tí ìlà rẹ̀ jẹ́ funfun kan, dúdú kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan má ju píkísẹ́lì kan lọ, kí ẹ sì gbé àpótí àwọ̀ eérú 128 àti ti 188 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, láìfẹ̀ ẹ́ láìsún un kì, kí ẹ wá sún sẹ́yìn títí ìlà náà kò fi ní hàn mọ́. Ìdajì funfun àti ìdajì dúdú jẹ́ ìdajì ìmọ́lẹ̀, 188 ló sì máa bá dọ́gba. 128 á ṣú ju ú lọ. Ètò tó bá ń fi nọ́ńbà gámà lásán dín fọ́tò kù á sọ àwọn ìlà yẹn di 128. Ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ ewé igi tàbí àwọ̀n ìlẹ̀kùn nínú géèmù mìíràn fi máa ń ṣú bó bá ṣe ń jìnnà sí ẹni tó ń wò ó: àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń lò fún ọ̀ọ́kán, láìtú gámà ni wọ́n ṣe wọ́n.

Gbogbo èyí lè mú kí èèyàn rò pé kí òun kàn máa fi àmì sRGB sórí ohun gbogbo. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kẹta wà, òun sì ni mo rò pé ó ń pa iṣẹ́ àwọn tó ti mọ nǹkan díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo tẹ́ṣọ̀ ló jẹ́ àwọ̀. Òmíràn ń sọ bí ara igi ṣe rí kúnrínkúnrín tó, òmíràn ń sọ ibi tí kànga kéékèèké ara rẹ̀ kọjú sí. Wọ́n jọ àwòrán, a lè ṣí wọn bí àwòrán, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó dì wọ́n. Ẹ wo èyí tó ń sọ ibi tí ojú igi kọjú sí, tí wọ́n ń pè ní nọ́mà máàpù, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù tó fẹ́ dà bí àlùkò. Níbi tí igi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 128, 128, 255, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sókè, iwájú gan-an ló kọjú sí. Kọ̀ǹpútà ń mú 128 bí ìdajì, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó ń yọ 1 kúrò, ó ń gba òfo. Bí ẹ bá fi àmì sRGB sí i, kọ̀ǹpútà á tú 128 di 0.216. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 0.432, tí a bá yọ 1 kúrò, ó ku −0.568. Ojú igi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti fì sápá kan ní nǹkan bí ìwọ̀n 39, èyí tí kò jìnnà sí ìdajì igun mẹ́rin.

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé òjìji àti ìmọ́lẹ̀ kò ní gbọ́ ti iná mọ́. Ẹ gbé iná sọ́tùn-ún, ó ń tàn bí ẹni pé ó wà níbòmíràn. Ẹ yí pátákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, apá kan rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Ní ti tẹ́ṣọ̀ tó ń sọ bí ara ṣe rí kúnrínkúnrín tó, 128 tó yẹ kó jẹ́ ìdajì di 0.216, igi tó yẹ kó rí wúrúkú díẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ọ̀pọ̀ máa rò pé fánìṣì ni wọ́n fi pọ̀ jù. Nínú Blender, ibi tí ẹ ó ti tún un ṣe ni àpótí `Color Space` lórí `Image Texture`: ẹ fi tẹ́ṣọ̀ àwọ̀ sí `sRGB`, kí ẹ fi àwọn yòókù sí `Non-Color`. Nínú Unity, ẹ yọ àmì tó wà níwájú `sRGB (Color Texture)` fún àwọn tí kì í ṣe àwọ̀. Nínú three.js, ẹ má fi nǹkan kan sí wọn. Àkàyé lára ohun tó ṣeé wò gba kọjá náà, ìyẹn nọ́ńbà kẹrin tó ń sọ bí píkísẹ́lì ṣe dí tó, líníà ni nígbà gbogbo, kódà nínú fọ́tò sRGB.

Kì í ṣe gbogbo ṣíṣá ni gámà ń fà. Blender fúnra rẹ̀ kì í fi àwọ̀ hàn bó ṣe wà nínú fáìlì. Láti ẹ̀dà 2.80 ló ti ń lo `Filmic`, láti 4.0 ni `AgX` sì ti gba ipò rẹ̀, méjèèjì ń rẹ àwọ̀ tó bá le jù sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára má bàa jóná. Ẹni tó bá ń fi àwòrán Blender wé ti ojú-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí `View Transform` sí `Standard`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun méjì tí kò jọra ló ń fi wéra. Ohun tó fà á tí mo fi ní kí ẹ pa `toneMapped` nígbà ìdánwò nìyẹn. Bí 128 bá jáde bíi 128 níbẹ̀, tí àga náà sì ṣì ṣá, ẹ wá ẹjọ́ náà lọ síbòmíràn: bóyá lára iná, bóyá lára fọ́tò fúnra rẹ̀, tó bá jẹ́ pé oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n ti yà á.

Iṣẹ́ tó ti pẹ́ ló ń le jù láti tún ṣe. Unity ní ibi kan tí wọ́n ti ń yan `Gamma` tàbí `Linear` fún gbogbo iṣẹ́ lápapọ̀, ọ̀pọ̀ géèmù tó ti wà tipẹ́ sì wà lórí `Gamma`. Bí ẹ bá yí i padà lónìí, ìṣirò á di èyí tó tọ́, ojú géèmù náà á sì bàjẹ́. Iná tí wọ́n ti tò lórí ìṣirò tí kò tọ́ kò ní bá ti tuntun mu. Àwọn tó kun tẹ́ṣọ̀ ti fi ọwọ́ ṣú àwọn ibi kan kí iná má bàa jó wọn, wọ́n ti kun òjìji mọ́ ara ògiri, wọ́n sì ti fi fìtílà kéékèèké pamọ́ sí igun yàrá láti tan ibi tí òkùnkùn ti ń wá lójijì. Ẹ ní láti yọ àwọn fìtílà yẹn kúrò, kí ẹ tún iye iná ńlá tò, kí ẹ tún gbogbo tẹ́ṣọ̀ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó jẹ́ àwọ̀ àti èyí tó jẹ́ ìwọ̀n. Ẹni tí géèmù rẹ̀ bá ku oṣù kan kó jáde lè fi í sí `Gamma` bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a wí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kó yan `Linear` kó tó gbé iná àkọ́kọ́ sílẹ̀.